Ìròyìn Ìjàǹbá: Ásíìdì Tó Dà Sílẹ̀ ní Yàrá Àyẹ̀wò

Sí: Ọ̀gá Ètò Ààbò
Láti ọ̀dọ̀: Alábòójútó yàrá àyẹ̀wò, iṣẹ́ àárọ̀
Ìgbà tó ṣẹlẹ̀: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá 2025, aago 10:20 àárọ̀

Ohun tó dà àti bó ṣe pọ̀ tó

Ásíìdì sọ́fúríìkì (H2SO4) ni, èyí tó lágbára dé ìdá 98 nínú 100. Ìgò onílítà 2.5 tí a kò tíì ṣí ni. Lítà 1.8 ló ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, nítorí náà lítà 0.7 ló dà sílẹ̀, bíi kílò 1.3.

Táyà kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù há sínú táìsì tó ti sán lẹ́nu ọ̀nà. Ìgò méjì kọlu ara wọn, ọ̀kan là lọ́rùn, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọn tó kàn

Òṣìṣẹ́ tó ń ti kẹ̀kẹ́ sáré gbé ìgò náà dìde. Ásíìdì ta sí i lọ́rùn ọwọ́ òsì, níbi tí ìbọ̀wọ́ àti apá aṣọ kò ti pàdé. A bọ́ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, ó sì wà lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Ibẹ̀ pọ́n, ó sì ń ta á; nọ́ọ̀sì ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Awò ààbò kò jẹ́ kí nǹkankan kan ojú rẹ̀, mo dúpẹ́ gidigidi fún ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ tó wà nítòsí kò fara kan án.

Bí a ṣe palẹ̀ rẹ̀ mọ́

Gbogbo èèyàn jáde, àfi àwa méjì tí a wọ ìbojú oníke, ìbọ̀wọ́ gígùn, bàtà àti épúrọ̀nù onírọ́bà. Ojú ihò omi ni a kọ́kọ́ fi yanrìn dí, kí ásíìdì má baà wọ gọ́tà. A kò da omi lé e, nítorí ooru tó máa jáde lè mú un ta sókè. A kò sì lo àkísà tàbí èérún pákó, torí ásíìdì yìí máa ń jó wọn dúdú.

A wá ń wọ́n sódà báíkábónéètì díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sáàárín, ó sì ń hó. Kílò kan péré ló wà nínú àpótí ìjàǹbá, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tó dà yìí nílò ju kílò 2 lọ. Ìṣẹ́jú 12 la fi dúró kí wọ́n tó kó òmíràn dé láti sítọ́ọ̀. Nígbà tí híhó dáwọ́ dúró, a kó gbogbo rẹ̀ sínú korobá oníke, a kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, a kò sì dé e pinpin kí gáàsì lè jáde. Lẹ́yìn náà la fọ ilẹ̀. Bébà àyẹ̀wò fi pH 7 hàn níbi mẹ́ta, a sì ṣí yàrá padà ní 12:45.

Ohun tí mo ń béèrè

Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, kí sódà inú àpótí náà tó kílò 8, kí ó lè ká odidi ìgò kan tó bá dà. Kí wọ́n tún táìsì ẹnu ọ̀nà ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti dá gbígbé ásíìdì lórí kẹ̀kẹ́ náà dúró títí wọn yóò fi tún un ṣe. Inú ike ìgbégò, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, ni a ó máa fi gbé e.