Ìkéde Ìpapòdà Ìyá Ẹgbẹ́ Wa

Pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ aláàdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, fi ń kéde pé Ìyá Ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ tí wọ́n sì darí rẹ̀ fún ọdún 31, ti papòdà. Àwọn ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú wa bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ahọ́n ni wọ́n fi ń tọ́ aró wò, wọn kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni ta aṣọ tó máa ṣí fún oníbàárà. A bá àwọn ọmọ wọn kẹ́dùn. Gbogbo ìsọ̀ wa yóò wà ní títì lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó dàárọ̀ o, Ìyá wa.