Ètò Ìyọkúrò Mílíìkì Màlúù fún Àdùnní àti Ìyá Rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni, obìnrin. Ó wọn 5.8 kílò ní 26 Oṣù Karùn-ún 2025. Ọmú ló ń mu, àfi ìgò mílíìkì ọmọdé kan lálaalẹ́. Àtìgbà tí ìgò náà ti dé ni ikun àti fọ́nrán ẹ̀jẹ̀ ti ń wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí ara sì ń yún un lẹ́yìn orúnkún. Ojú rẹ̀ ò wú rí, ara rẹ̀ ò lé lójijì rí, mímí ò ṣòro fún un rí. Ìyẹn ló jẹ́ ká lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ètò yìí nílé, láti mọ̀ bóyá mílíìkì màlúù ló ń fà á.

2 sí 29 Oṣù Kẹfà: ìyọkúrò

Ìyá Àdùnní, ẹ dá ìgò dúró, kí ẹ fi ọmú dípò rẹ̀. Mílíìkì ewúrẹ́ ò lè rọ́pò rẹ̀, ó jọ ti màlúù jù. Nítorí pé mílíìkì tí ẹ bá mu lè gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin náà ò ní fẹnu kan mílíìkì agolo àti oníyẹ̀fun, yógọ́ọ̀tì, bọ́tà tàbí wàrà àwọn Fúlàní. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá búrẹ́dì àti páálí bisikíìtì. Ògì, ẹ̀wà, iṣu, ẹ̀fọ́, ẹyin àti ẹja, ẹ jẹ wọ́n yó. Ẹ lo kálísíọ́mù 1,000 mílígíráàmù àti fítámì D 10 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́. Màmá àgbà tó ń bá yín wẹ ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i.

Ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé lálaalẹ́, báyìí: “5 Oṣù Kẹfà. Ògì àti mọ́ínmọ́ín. Ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ikun díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sí. Ó họra lóru.” Bí mílíìkì bá ṣèèṣì wọnú yín, ẹ kọ ìyẹn náà, ẹnikẹ́ni ò ní bá yín wí.

16 Oṣù Kẹfà, ẹ gbé e wá ká wọ̀n ọ́n. Bí ara rẹ̀ ò bá yá títí di 29, ẹ padà sórí mílíìkì yín. Dókítà yóò wá ohun mìíràn tó ń fà á.

30 Oṣù Kẹfà: ìdápadà

Bí ara rẹ̀ bá yá, mo mọ̀ pé ẹ̀rù á bà yín láti dá a padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fò ó. Inú ọmọ kékeré lè fúnra rẹ̀ tòrò. Láìdán an wò, a lè fi oúnjẹ du ìyá àtọmọ lásán.

Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: ife mílíìkì kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Bí ikun tàbí ẹ̀jẹ̀ bá padà, ẹ dúró, ẹ kọ ọ́, ẹ pè mí. Mílíìkì ló ń ṣe é nìyẹn. A ó tún yọ ọ́ kúrò títí yóò fi pé oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, lẹ́yìn náà a ó bẹ̀rẹ̀ látorí bisikíìtì tí iná ti sè mílíìkì inú rẹ̀ jinná.

Bí kò bá sí nǹkan, 7 Oṣù Keje ní kílíníìkì, ní àárọ̀: 30 mílílítà mílíìkì ọmọdé, kí a sì jókòó wò ó. Nílé, ẹ máa fi 30 kún un lójoojúmọ́: 60, 90, 120, 150, 180, títí dé 210 ní 13 Oṣù Keje. Ọmú ni kó fi parí èyí tó bá kù nínú ebi rẹ̀. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tuntun kankan lọ́sẹ̀ yẹn.

Bí ojú tàbí ètè bá wú, bí ara bá lé, bí kò bá lè mí dáadáa, tàbí tó ń bì ṣáá tó sì funfun tó rọ jọwọrọ, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìwé yìí dání.