Màmá Ṣeun, ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ sì kú ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní ákáǹtì ló ní kí n bá gbogbo wa kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére yìí, torí wọ́n ní èmi ni mo máa ń pẹ́ jù ní rẹ́jísìrì. Ẹ mọ ohun tó ń dá mi dúró níbẹ̀: móínmóín Màmá Ṣeun.

Màmá wa, ẹ pé ọmọ 60 ọdún lónìí, òfin iṣẹ́ ìjọba sì ní kí ẹ lọ sinmi. Ọjọ́ orí ni ìjọba ń kà o, wọn kì í wo ojú. Ẹni tó bá wo ojú tiyín á ní ó ku ọdún mẹ́wàá gbáko 😊

Àwọn àbúrò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè má mọ̀ pé Sẹkitéríàtì Ìkòyí l'Ékòó ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba kó olú-ìlú wá sí Àbújá lóṣù Kejìlá ọdún 1991, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan ń wá, òmíràn ń fà sẹ́yìn. Nígbà tó kan tiwa, ọ̀pọ̀ ló wá ọgbọ́n dá kí wọ́n má bàa fi Èkó sílẹ̀. Màmá pọn Ṣeun, wọ́n gbé àpótí wọn, ó di Nyanya. Ṣeun ẹ̀yìn ìgbà yẹn ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Láti Nyanya yẹn náà ni wọ́n ti ń jí wọkọ̀ ní ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máràrábá tó dì, tí àwa ará Wúsè tó wà nítòsí á sì tún pẹ́ dé jù wọ́n lọ. (Mo mọ ẹni tí mò ń bá wí. Òun náà mọ ara rẹ̀.)

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fáìlì ni mo fẹ́ sọ gan-an. Ẹ̀yin tó ti rí ìyà àwọn tó ń múra ìfẹ̀yìntì mọ̀ ọ́n: wọ́n á béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́, ìwé ìfìdímúlẹ̀, ìwé ìgbéga, wọ́n á tún ní kí o fi ẹ̀rí hàn pé ipele báyìí lo wà lóṣù Kẹfà ọdún 2004 tí òfin owó ìfẹ̀yìntì tuntun wọlé. Bí ìwé kan bá dínkù, ọ̀rọ̀ di lọ-bọ̀.

Ẹ rántí Bàbá dírẹ́bà wa tí ìwé ìfìdímúlẹ̀ wọn di àwátì. Gbogbo èèyàn ti ní kí bàbá lọ búra ní kóòtù. Màmá ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n wé gèlè wọn le, wọ́n kó fáìlì gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ bàbá yẹn sórí tábìlì, wọ́n ń fi àtàǹpàkò kan fóòmù tútù, wọ́n ń ṣí i léwé-léwé. Inú ìwé ìsinmi ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n ti yọ ọ́, ó ti pọ́n bí ẹ̀pà yíyan. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá ní, "Ẹ dìde jàre. Fáìlì kì í sọnù, èèyàn ló ń gbé e síbi tí kò yẹ."

Abájọ tí Máàlàm ẹnu géètì fi ń pè yín ní Mama Fayil. Ó ti ń bi mí láti àná pé ta ni yóò máa bá òun sọ Hausa tó dùn létí láàárọ̀. Mi ò rí èsì fún un.

Màmá, a ó sàárò yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Olúwa á jẹ́ kí ẹ jèrè gbogbo làálàá yín. Owó ìfẹ̀yìntì ò ní há. Ẹ ó fọwọ́ pa ewú, ẹ ó fi èrìgì jobì. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ sí Òṣogbo, àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sunwọ̀n, ẹ ò ní kàgbákò lọ́nà 🙏🏾

Ẹ̀yin tó kù, ọjọ́ Jímọ̀ la máa ṣe ìkíni Màmá, lẹ́yìn Jímọ̀, tí àwọn ará mọ́sálásí bá ti padà dé. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì wà, máṣà náà wà fún àwọn ọ̀rẹ́ wa ará Kánò. Ẹni tí kò tíì san owó aṣọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí akápò lónìí.

Màmá, ẹ̀yin ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ kankan wá. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kejì nìkan ni kí ẹ rántí mú dání, a ti wá a títí.