Ìkéde ikú Àlhájà Sìdíkátù lẹ́yìn ìrun Àsùbá, Ẹ̀bùté Mẹ́tà

Àsàláámù àléékúmù wáráhmótúlláhì wabárákátúhù. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde.

Ìnná lílláhì wa ìnná iléhì rójíhúnà. Àlhájà Sìdíkátù, Ìyá Ràṣídì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Alájọ, ti jáde láyé. Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni ọlọ́jọ́ dé, nínú ilé rẹ̀, níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti ń bá a fà á láti ìgbà ààwẹ̀. Ẹni ọdún 71 ni.

Mo ń gbọ́ ẹkún lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ẹ̀yin ìyá, omijé ò léèwọ̀. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sunkún nígbà tí Ìbúráhímù ọmọ rẹ̀ kú. Igbe àti fífa aṣọ ya ni kó má sí.

Lẹ́yìn ìrun Àílà lónìí la ó kírun sí i lára níbí, láti ibẹ̀ a ó gbé e lọ sí Àtàn ní Yábàá, ní apá ti àwọn Mùsùlùmí, níbi tí ọkọ rẹ̀ wà. Sátidé lónìí, ẹ sì mọ bí ọ̀nà Yábàá ṣe ń rí tí ọjà bá ti kún. Kí àwọn tó ní ọkọ̀ gbé e síta kí a tó pe ìrun.

Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù wà ní Kánò. Ó ti ń wá ọkọ̀ òfúrufú láti ìdájí. Mọ̀lẹ́bí ní kí a dúró di ọ̀la, a jọ sọ ọ́, wọ́n sì gbà: Ànábì ní kí a yára pẹ̀lú òkú. Bó bá bá wa, àlìhámúdù lílláhì. Bí kò bá bá wa, yóò kírun tirẹ̀ létí sàréè ìyá rẹ̀. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí kánópì. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ràṣídì yóò sọ fún wa.

Aago mẹ́wàá ni wọn yóò wẹ̀ ẹ́. Ìyá Àdínnì ló wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kí ẹlòmíràn má rọ́ wọlé. Ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ wẹ̀ ẹ́, tàbí márùn-ún bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí káfúrà wà nínú omi ìkẹyìn. Ẹ di irun rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta. Aṣọ kàfánì márùn-ún wà nílẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ló rà á pamọ́.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí kò tíì kí i rí: ìrun yìí kò ní rúkúù, kò ní ìforíkanlẹ̀. Kábárà mẹ́rin ni. Fátíhà lẹ́yìn èkínní, àsàlátù fún Ànábì lẹ́yìn èkejì, àdúà fún òkú lẹ́yìn ẹ̀kẹta, kí a tó sálámà.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Ogójì obìnrin ó lé, nínú mọ́sáláṣí yìí àti nínú ọjà Ọyìngbò, ló ń dájọ lọ́dọ̀ ìyá yìí. Mo ti rí ìwé rẹ̀. Orúkọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ kedere, owó náà sì pé nínú àpótí. Owó àjọ kì í ṣe ogún, àmánà ni. Ẹnikẹ́ni nínú mọ̀lẹ́bí kò gbọdọ̀ fi ra nǹkan kan, ìbáà ṣe omi tí a ó fi gbàlejò. Lọ́la lẹ́yìn Alásárì, kí olówó kọ̀ọ̀kan wá gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Nọ́íbì àti Ràṣídì, níbí, lójú gbogbo ènìyàn.

Bí ó bá jẹ ọ́ ní gbèsè mìíràn, wá sọ ọ́ kí a tó gbé e jáde. Wọ́n gbé òkú kan wá síwájú Ànábì rí, ó jẹ gbèsè dínárì méjì, Ànábì ò kírun sí i lára àfi ìgbà tí Àbú Kàtádà gbé gbèsè náà sọ́rùn. Ẹni tó bá lè yọ̀ǹda, kó yọ̀ǹda. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ òun náà lówó, àwọn tí ó ń yá lówó ilé-ìwé ọmọ láìsí ẹlẹ́rìí, Ọlọ́hun mọ̀ yín. Ẹ dá a padà fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ olóòkú máa dáná fún wa. Ànábì ní kí a se oúnjẹ fún ará ilé Jáfárù nígbà tí ikú rẹ̀ kàn wọ́n. Àwọn Àsàlátù yóò gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ, àwọn ìyá Ọyìngbò ti gba ti alẹ́.

Kí Ọlọ́hun fi orí àṣìṣe rẹ̀ jìn ín, kó fẹ sàréè rẹ̀, kó tọ́jú àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀. Àmín.

Ràṣídì fẹ́ ọ̀dọ́ mẹ́fà tí yóò bá a lọ sí Àtàn nísinsìnyí, kí sàréè lè ṣetán kí ó tó di Àílà. Ẹ bá Nọ́íbì lẹ́nu ọ̀nà.