Ẹ káàbọ̀ sí ìsọ̀ aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ káàbọ̀ o, oníbàárà wa. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́; èyí tó bá bá àsìkò yín mu ni kí ẹ mú níbẹ̀.

Ìsọ̀ àdìrẹ wa lọ́jà Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, lẹ kàn sí yìí. Fóònù ló ń fi èsì àkọ́kọ́ yìí ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé a rí yín, a dákẹ́. Èmi tàbí ọmọ mi obìnrin ló máa dá yín lóhùn lẹ́yìn rẹ̀, láti aago 9 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Sátidé. Bí ẹ ò bá tètè gbọ́ wa, ọwọ́ wa wà nínú aró nìyẹn. Ẹ ṣe sùúrù fún wa díẹ̀.

Kí la lè bá yín ṣe? Ẹ kọ ÀWÒRÁN bí ẹ bá fẹ́ rí aṣọ tó wà nílẹ̀ lónìí, ẸBÍ bí ẹ bá fẹ́ dá aṣọ ẹbí, tàbí ẸRÙ bí ẹ bá ti sanwó tí ẹ ń retí ọjà yín. Ẹ̀yin màmá wa tí ẹ ò fẹ́ràn kí ẹ máa tẹ̀wé lórí fóònù, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà.

Yáàdì 5 oníko jẹ́ ₦9,500. Ẹlẹ́kọ jẹ́ ₦16,000, torí ìyẹ́ adìẹ la fi ń ya ẹ̀kọ sára rẹ̀, ilà kan tẹ̀ lé òmíràn, kó tó wọnú aró. Ẹ lè ná an, ọjà ni. Ẹ ṣáà jẹ́ kó ku owó aró fún wa.

Àwọ̀ inú fóònù máa ń tàn ju ti ojú lọ. Ẹ ní ká gbé aṣọ náà sójú oòrùn, ká ya fídíò rẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó.

Tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí, ẹ sọ iye èèyàn àti ọjọ́ òde, kó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Ọwọ́ la fi ń rẹ ẹ́, ọ̀kan lè dú ju èkejì lọ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ fún àwọn ẹbí.

Inú ìjíròrò yìí nìkan la ti ń fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà mìíràn pè yín pé àwa ni, ẹ má sanwó o. Ẹrù Èkó àti Ìbàdàn máa ń bá ọkọ̀ lọ láti gáréèjì Kútọ̀. Owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, omi rẹ̀ á dú. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ fi omi tútù àti iyọ̀ fọ òun nìkan, kí ẹ sá a síbòòji.

Ó yá, irú èwo lẹ fẹ́?