Ọ̀rọ̀ Ìkíni Káàbọ̀ fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Tuntun, Ìlúpéjú

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ káàbọ̀. Mo mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀ṣòdì ti fojú yín rí nǹkan. Ẹ jókòó.

Ẹ̀rọ tó ń lọ ike yìí ò mojú ẹnìkan. Bó bá há, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bó ku díẹ̀ kó tú, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ọ̀gá bá ń pariwo pé kẹ́ ẹ ṣe kíá, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́! Ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ṣéènì ọrùn, aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀: ilé ni kẹ́ ẹ fi í sí.

Bí iná bá ṣẹ́yọ, ẹ jáde. Ẹ má padà wá mú fóònù. Ẹ má padà! Ẹnu géètì la ti máa kà yín. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112.

Ó yá, ẹ wá gba ìbọ̀wọ́.