Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún Lọ́nà Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, Láìfọwọ́ Kan Ẹ̀rọ Ìṣirò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi. Ìkéré-Èkìtì ni mo wà, nínú kíláàsì wa. Ilé ìwé ti jáde, ṣùgbọ́n ọmọ girama kan dúró tì mí kó lè bá mi dáhùn ìbéèrè. Ẹ mú bíírò àti ìwé kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù wò mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ẹ̀rọ ìṣirò inú rẹ̀.

Iṣẹ́ tòní ló wà lójú pátákó yìí:

97 × 96 = ?

Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ká to ọ̀kan sábẹ́ èkejì, ká fi 6 sọ 97 di púpọ̀, ká tún fi 9 ṣe é, ká sún ìlà kejì sápá òsì, ká wá ro méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà yẹn dára, ẹ má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn nọ́ńbà yìí dáadáa: ẹ̀bá 100 ni àwọn méjèèjì wà. Nígbà tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àbùjá wà.

Ìlà kìíní. Mélòó ló kù kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé 100?

97 → ó ku 3
96 → ó ku 4

Ìlà kejì. Ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ yọ ohun tó ku èkejì kúrò nínú rẹ̀.

97 − 4 = 93

Ẹ lè gbà á lódìkejì, 96 − 3, 93 náà ni. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ ti ṣì í nìyẹn, ẹ padà sí ìlà kìíní.

Ìlà kẹta. Ẹ sọ àwọn ohun tó kù di púpọ̀.

3 × 4 = 12

Ìlà kẹrin. Ẹ kọ 93, ẹ kọ 12 tẹ̀ lé e.

97 × 96 = 9312

Ó parí. Ọmọ mi, ṣé ó yé ọ?

“Ó yé mi, mà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi ń rí bẹ́ẹ̀?”

O ṣeun. Ìbéèrè tí mo ń retí gan-an nìyẹn. Ẹ má gba ọgbọ́n ìṣirò kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan èmi, láìbéèrè ohun tó fà á. Ọmọ tó kàn há a sórí, nọ́ńbà máa yí padà díẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ní Ọjà Ọba l'Ádó ní agbọ̀n obì 97. Obì 96 ló wà nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Obì mélòó ni gbogbo rẹ̀?

Ká kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé agbọ̀n kọ̀ọ̀kan kún, pé obì 100 ló wà nínú rẹ̀.

97 × 100 = 9700

Ṣùgbọ́n agbọ̀n kọ̀ọ̀kan fi obì 4 dín. A ní láti yọ 4 ní ìgbà 97. Ta ló fẹ́ máa ro 97 × 4? Ẹ jẹ́ ká yọ 4 ní ìgbà 100, ìyẹn rọrùn.

9700 − 400 = 9300

Ẹ wo 93 yín níbẹ̀ yẹn. Òun ni 97 − 4 tí a ṣe ní ìlà kejì. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà 93 ni.

Dúró ná. Agbọ̀n 97 péré ni ìyá wa ní, àwa yọ ti agbọ̀n 100. Agbọ̀n 3 tí kò sí níbẹ̀ rárá la yọ obì 4, 4 kúrò nínú wọn. A ti rẹ́ ìyá jẹ nìyẹn. Obì mélòó la máa dá padà fún un?

“3 lọ́nà 4, mà. Obì 12.”

9300 + 12 = 9312

Ṣé ẹ ti rí i? Ohun tí a dá padà ni 12 yẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rò ó mọ́ ọn, tí a kì í yọ ọ́.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú. Mo fún ọmọ mi yìí ní ṣọ́ọ̀kì, kó ṣe 98 × 97. Ohun tó kọ nìyí:

98 → ó ku 2
97 → ó ku 3
98 − 3 = 95
2 × 3 = 6
98 × 97 = 956

Ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ tọ̀nà. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni kò tọ̀nà. 100 lọ́nà 100, 10,000 ni. Nọ́ńbà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100, báwo ni èsì wọn ṣe máa wálẹ̀ dé 956? Ọgọ́rùn-ún lọ́nà 95 ni 95 yẹn, 9500 ni. Ẹ fi 6 kún 9500.

9500 + 6 = 9506

Nítorí náà, àyè méjì ló wà lápá ọ̀tún. Bí ẹyọ nọ́ńbà kan bá jáde, ẹ fi òdo síwájú rẹ̀: 06. Ọmọ mi, pa á rẹ́, tún un kọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bó bá wá ju àyè méjì lọ ńkọ́? Ẹ wo 88 × 87.

88 → ó ku 12
87 → ó ku 13
88 − 13 = 75
12 × 13 = 156

Ẹ má kọ 75156 o! Ẹ padà sí obì.

7500 + 156 = 7656

Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé ọgọ́rùn-ún ni 75 yẹn ń kà, kò ní ṣì í láé.

N ò ní tàn yín: ọ̀nà yìí kò sí fún gbogbo nọ́ńbà. Bí ẹ bá fi ṣe 63 × 58, ẹ máa bá 37 × 42 pàdé ní ìlà kẹta, iṣẹ́ tí ẹ ń sá fún gan-an nìyẹn. Bí nọ́ńbà bá ti jìnnà sí 100, ẹ lo ọ̀nà àtijọ́.

Èrò yìí kan náà wúlò lọ́jà. Bí wọ́n bá pe iṣu kan ní ₦1,950, tí ẹ sì fẹ́ ra 12:

12 × 2,000 = 24,000
12 × 50 = 600
24,000 − 600 = 23,400

Kí oníṣu tó mú fóònù jáde, owó ti wà lẹ́nu yín.

Ó yá, ó kàn yín. Ẹ dá fídíò dúró níbí, kí ẹ ṣe mẹ́ta yìí: 94 × 98, 89 × 97, 86 × 88.

Ṣé ẹ ti ṣe tán? Ẹ fi wé tèmi.

94 − 2 = 92; 6 × 2 = 12; 9200 + 12 = 9212
89 − 3 = 86; 11 × 3 = 33; 8600 + 33 = 8633
86 − 12 = 74; 14 × 12 = 168; 7400 + 168 = 7568

Ẹni tó bá gba ẹ̀kẹta ti gbà á tán. Ẹ tún gbìyànjú 104 × 103 fúnra yín. Wọ́n ti ju 100 lọ ní tiwọn, nítorí náà ẹ ronú ohun tí ẹ máa ṣe ní ìlà kejì dípò ìyọkúrò. 10,712 ló yẹ kí ẹ bá.